Èéfín Dúdú Lórí Òkè Ọ̀tẹ̀dọlá: Ẹ Wá Afẹ́fẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Tọ́bò

Ohun tí mo sọ lórí ètò ni mo kọ síbí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ ti fojú ara yín rí i. Tí ẹ bá wọkọ̀ láti Ìkẹjà tí ẹ ń lọ sí Bẹ́gà, ẹ ó kọjá Aláùsá, ẹ ó sì kan òkè tó wà níbi afárá Ọ̀tẹ̀dọlá. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa ń bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń wọ́ bí ìgbín, tí sáléńsà rẹ̀ ń tu èéfín dúdú bí ẹni ń sun táyà. Dẹrẹ́bà dánfó yín á fọn fèrè, á yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì yára pa fèrèsé dé. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ á ní, "Ọkọ̀ yìí ti gbó." Ó lè má gbó o. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń wá èémí ni.

Dẹrẹ́bà kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá, láàárín Ọbá Àkran àti Agége, ní wàhálà tó ju èéfín lọ. Ó ń kó ẹrù láti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkẹjà lọ sí Ìbàdàn. Láàárín oṣù méjì, dísẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbé e lọ tó sì máa ń gbé e bọ̀ kò tó mọ́. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ sọ lójú gbogbo èèyàn pé ó ń ta epo lójú ọ̀nà. Bàbá náà wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wakọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí lólè rí." Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Kí ni kí n tún sọ?

Epo náà kò lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sáléńsà ló ń tu ú dànù. Bí wọ́n ṣe mọ̀, àti bí wọ́n ṣe tọpa rẹ̀ dé ìdí, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni èéfín dúdú ń sọ?

Àwọ̀ èéfín ní ìtumọ̀. Tó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Tó bá funfun, tí kò sì tètè pòórá, ó lè jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí kò gbaná rárá, ó sì lè jẹ́ omi ráńdíétọ̀ tó ń jò wọ inú sílíńdà. Ṣùgbọ́n tó bá dúdú, ohun kan ló ń sọ: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ rántí sítóófù kẹrosínì. Tí ẹ bá fa òwú rẹ̀ sókè jù, iná rẹ̀ á pupa, á máa tu èéfín, ìdí ìkòkò á sì dúdú. Kì í ṣe pé kẹrosínì kò sí. Afẹ́fẹ́ ni kò tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkè yé èèyàn. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nílò afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 10,000 kó tó lè jó tán. Ẹ wo táńkì omi dúdú tó wà lórí òpó nílé yín, èyí tó ń gba lítà 1,000. Mẹ́wàá irú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn bámúbámú, fún lítà epo kan. Ìyẹn gan-an ni èyí tó kéré jù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le máa ń fẹ́ tó ìdajì rẹ̀ sí i kó tó lè ṣiṣẹ́ láìsí èéfín.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá yẹn ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì tó nǹkan bíi lítà 9.7, irú èyí tó pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ Hówò tó ń sáré lójú ọ̀nà Èkó. Tí ẹrù bá kún un, tí dẹrẹ́bà sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lórí òkè, ó lè jó tó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000, afẹ́fẹ́ tí àwọn písítínì lè fà fúnra wọn kò ju bíi lítà 9,700 lọ. Ẹ ti rí i pé kò tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi tọ́bò sí i. Èéfín gbígbóná tó ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí àgbá kan nínú tọ́bò, àgbá yẹn á yí èkejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà, èkejì á sì máa ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, epo díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń lò, afẹ́fẹ́ díẹ̀ náà sì tó o. Àìsàn kékeré kò ní hàn níbẹ̀. Orí òkè ni gbogbo àṣírí ti ń tú, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń béèrè gbogbo afẹ́fẹ́ tó lè rí.

Ìbéèrè kí súpánà tó jáde

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá bá kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé orí òkè nìkan ló ti ń tu èéfín, àbí ó ń tu ú lórí ìdúró náà?" Bàbá ní orí òkè ni, tàbí tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra pẹ̀lú ẹrù. Ó tún béèrè pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ ìró kan tí ẹ kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣe "fíìì" bí ẹni ń súfèé, tí òun bá ti tẹ tọ́tù. Ìbéèrè kẹta: "Láàárọ̀ ńkọ́, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́?" Bàbá ní ó máa ń gbọ̀n díẹ̀, tó bá gbóná tán ó máa ń fara balẹ̀.

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́ka síbì kan. Èéfín orí òkè nìkan ń tọ́ka sí afẹ́fẹ́. Ìró súfèé ń tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lẹ́yìn tọ́bò. Gbígbọ̀n àárọ̀ ń tọ́ka sí ínjẹ́tọ̀, ìyẹn ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́sùlù. Ká ní bàbá sọ pé ọkọ̀ kò lágbára ṣùgbọ́n kò tu èéfín kankan ni, ọ̀nà mìíràn ni wọn ì bá gbà. Ìyẹn máa ń jẹ́ pé epo gan-an ni kò dé inú ẹ́ńjìnnì tó, bí ìgbà tí fílítà dísẹ́ẹ̀lì bá dí.

Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti ń múra láti lọ ra tọ́bò tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Mẹkáníìkì ní kó fara balẹ̀ ná. Ó ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni òun ó ti bẹ̀rẹ̀, òun ó sì máa tẹ̀ lé e títí dé ibi tí epo ti ń jó. Èyí tí kò náni lówó ló kọ́kọ́ wà lójú ọ̀nà.

Fílítà afẹ́fẹ́

Lára ilé fílítà ọkọ̀ ńlá, ojú kékeré kan sábà máa ń wà tó máa ń pupa tí fílítà bá ti dí. Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, ó ti fọ́ tàbí kó ti há síbì kan. Ti ọkọ̀ yìí ti fọ́. Mẹkáníìkì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ gaara ṣe tirẹ̀. Ó tẹ rọ́bà náà bí ìkọ́, ó bu omi sí i, ó so ó mọ́ pákó gígùn kan, ó sì ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ihò tí ojú pupa yẹn wà tẹ́lẹ̀, láàárín fílítà àti tọ́bò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, omi á gòkè lápá kan, á sì lọ sílẹ̀ lápá kejì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, tí ìyàtọ̀ apá méjèèjì bá ti tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63, fílítà ti dí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ṣeé fi ìdúró wọ̀n. Ẹrù gbọ́dọ̀ wà lórí ọkọ̀, kó sì máa gun òkè, torí ìgbà yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ gidi. Mọ́tò bọ́ì ló jókòó síwájú tó ń wo omi. Kí wọ́n tó dé orí òkè, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà jáde kúrò nínú rọ́bà.

Wọ́n yọ fílítà. Eruku ti dì mọ́ ọn bí amọ̀. Ẹ mọ àyíká yẹn: ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbẹ́, erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì, àti eruku ọyẹ́ láti oṣù Kejìlá. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti ń gbé fílítà náà lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ yẹn le jù, ó ń lu bébà rẹ̀ ya. Tí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ fẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ ju báà 2 lọ, láti inú síta ni, kì í ṣe láti ìta sínú. Ẹ má gbá a mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì ki tọ́ọ̀ṣì bọ inú fílítà náà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ sì yọ bí ìràwọ̀ ní ojú mẹ́ta. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá, eruku náà ti kọjá. Tí eruku bá wọlé, á máa ha àgbá tọ́bò, á máa ha sílíńdà àti ríǹgì písítínì. Fílítà kékeré tó wà nínú ti ńlá, wọn kì í fọ̀ ọ́, wọn kì í sì í fẹ́ ẹ. Pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Páìpù àti tọ́bò

Wọ́n fi fílítà tuntun sí i, wọ́n sì tún gun òkè. Èéfín dín kù, ṣùgbọ́n kò lọ tán, súfèé sì ṣì wà níbẹ̀. Láti ara tọ́bò, páìpù kan ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí íńtákúlà, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù níwájú ráńdíétọ̀, òmíràn á sì gbé e wọ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà àti kílíìpù ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n dí ẹnu páìpù náà, wọ́n rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò ju báà 1 lọ sí i, wọ́n sì da omi ọṣẹ sára gbogbo oríkèé rẹ̀. Ìfófòó hó lábẹ́ rọ́bà kan. Ó ti sán lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò dé, ọ́ìlì díẹ̀ àti eruku sì ti kọ ilà dúdú sí i lára. Lórí ìdúró, ojú rọ́bà náà pa dé. Tí tọ́bò bá ń ki afẹ́fẹ́ gidi, á là, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti ṣiṣẹ́ fún á sì máa bá ìta lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá wo tọ́bò fúnra rẹ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n sì yọ páìpù ẹnu rẹ̀. Mẹkáníìkì fi ìka yí àgbá rẹ̀, ó yí geere láìsí ìró. Ó mì ín sí ọ̀tún, sí òsì. Ó mì díẹ̀. Bó ṣe ń mì ín, ó tún ń yí i láti mọ̀ bóyá ẹnu àgbá náà ń kan ara ilé rẹ̀. Kò kàn án. Ó tì í síwá, sẹ́yìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún. Ó ní, "Ẹ wò ó, ọ̀pá tọ́bò gbọ́dọ̀ mì díẹ̀, ọ́ìlì ló ń léfòó lé lórí. Tó bá kan ilé, tàbí tí ẹ bá rí i tó ń sún síwá sẹ́yìn, tàbí tí ẹnu àgbá bá ti jẹ, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra òmíràn." Ọ́ìlì tó kàn rin páìpù kò túmọ̀ sí pé tọ́bò ti kú. Èyí tó bá ń ṣàn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Tọ́bò tí wọ́n fẹ́ lọ rà, èyí tó wà lára ọkọ̀ sàn jù ú lọ.

Nọ́sùlù

Gbígbọ̀n àárọ̀ ló ṣẹ́kù, pẹ̀lú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ lórí òkè. Iṣẹ́ nọ́sùlù ni kó fọ́n dísẹ́ẹ̀lì bíi kùrukùru. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tàbí tó bá ti dọ̀tí, á máa kán tó-tó-tó. Ẹ̀kán epo ńlá kì í ráyè bá afẹ́fẹ́ pò, torí náà á dú kó tó jó, kódà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀.

Pọ́ǹpù àtijọ́ ni ọkọ̀ yìí ń lò, èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà. Lára irú rẹ̀, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sùlù díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú ti sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Wọ́n tú ti ẹ̀kẹrin, ẹ́ńjìnnì kò tiẹ̀ mọ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ nọ́sùlù wò lórí pọ́ǹpù ọwọ́. Ó yẹ kó ṣí ní nǹkan bíi báà 200 kó sì fọ́n. Ti ẹ̀kẹrin ti ń kán kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú páìpù bẹ́ẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà, tí epo rẹ̀ ń wà nínú páìpù kan ṣoṣo fún gbogbo nọ́sùlù. Agbára epo ibẹ̀ lè ju báà 1,600 lọ. Ó lè gún awọ ara bí abẹ́rẹ́, kó sì ba ọwọ́ èèyàn jẹ́ pátápátá. Ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ ìyẹn wò.

Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n kàn fi epo kún un

Ẹnì kan nínú ọgbà yẹn ti gba ọ̀gá tó ni ọkọ̀ níyànjú pé kí wọ́n yí súkúrù pọ́ǹpù kó máa da epo púpọ̀ sí i, kí ọkọ̀ lè lágbára. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Ọkọ̀ lè yára díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, èéfín tó ń jáde á gbóná kọjá ààlà, á máa jó àgbá tọ́bò àti orí písítínì. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Báyìí ni wàhálà fílítà ṣe ń di wàhálà ẹ́ńjìnnì.

Kì í sì í ṣe gbogbo èéfín dúdú ni ọ̀nà yìí ń wò sàn. Tí fílítà, páìpù, tọ́bò àti nọ́sùlù bá dára, tí dúdú náà kò sì lọ, ó lè jẹ́ pé ríǹgì tàbí fáàfù ti jẹ, tàbí pé àkókò tí pọ́ǹpù ń fọ́n epo ti yí. Ìyẹn kọjá ohun tí rọ́bà omi àti tọ́ọ̀ṣì lè fi hàn.

Ti bàbá yìí, ibẹ̀ ló parí sí. Wọ́n kó irú ẹrù kan náà, wọ́n sì gba òkè kan náà. Jíà kẹta ló fi ń gùn ún tẹ́lẹ̀, ó wá fi ìkarùn-ún gùn ún, mọ́tò bọ́ì sì yọrí wo sáléńsà, kò rí nǹkan kan. Dísẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ náà gbé e dé Ìbàdàn, ó sì gbé e padà. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ kò bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn bó ṣe bú u lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ nọ́ńbà kìlómítà sára ilé fílítà báyìí pẹ̀lú máákà funfun, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú fílítà wọn kẹ́yìn. Ó dàárọ̀ o.